Ṣé "ìdínkù ìyípadà" ni, àbí òǹkà ló fọ́jú?

Ọmọ Atúmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlànà kan fún àwọn tó ń polówó ọjà lórí ayélujára. Orí kan dá lórí ìgbà tí iye àwọn tó rajà bá já wálẹ̀ lójijì nínú ìròyìn, tó sì jẹ́ pé táàgì tó ń kà wọ́n ló bàjẹ́, kì í ṣe pé wọn ò rajà mọ́. "Ìdínkù ìyípadà" ni mo kọ fún "conversion drop". Ṣé ó tọ̀nà?

Bàbá Gírámà:
Kò tọ̀nà rárá. Ta ló yí padà? Ẹni tó ronú pìwà dà ló yí padà; ẹni tó sanwó bàtà, bàtà ló rà. Èyí tó tún bí mi nínú jù ni "ìdínkù" yẹn. Dín kù: ohun kan wà nílẹ̀, a bù nínú rẹ̀, ó wá ku díẹ̀. Bí ogójì ènìyàn bá rà lánàá, tí ogójì tún rà lónìí, kí ló dín? Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ìtumọ̀ ì bá ti da ìwé yẹn padà sí ọ lọ́wọ́ kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kejì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Adédọ̀tun:
Bàbá, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Bó bá já lójijì, táàgì ni. Bó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà ló ń lọ. Ẹ pe ti àkọ́kọ́ ní "ìjáwálẹ̀", kí ẹ pe ìkejì ní "ìdínkù". Ó parí.

Ìyá Oníṣirò:
Kò tíì parí, àbúrò mi. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun.

Ṣọ́ọ̀bù ayélujára kan wà tó máa ń ta nǹkan bí ogójì ọjà lójúmọ́. Google Analytics máa ń ka bíi 36 nínú wọn, torí pé àwọn oníbàárà kan ti dènà títọpa lórí búráwúsà wọn. Ìyẹn kò bani lẹ́rù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iye náà wó lulẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, 4 péré ni ìròyìn ń kà. Ọ̀gá ti fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo ìpolówó tì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé owó. Ọjà 41 ni wọ́n gbowó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì yẹn.

A wá wò ó láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Iye àwọn tó ń wá kò yẹ̀. `add_to_cart` kò yẹ̀, `begin_checkout` kò yẹ̀. `purchase` nìkan ló wó. Mo ra ọjà kan láti dán an wò, mo ṣí Network nínú Chrome, mo sì fi `collect` sẹ́ àwọn ìlà tó wà níbẹ̀, kí n lè rí èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ Google Analytics. `en=begin_checkout` jáde. `en=purchase` kò sí nínú àdírẹ́sì ìlà kankan, kò sì sí nínú ẹrù tí wọ́n gbé. Nínú Preview ti Google Tag Manager, táàgì náà jókòó sábẹ́ "Tags Not Fired". Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn tó ń tún ìkànnì ṣe ti sọ ojú ewé ìdúpẹ́ di `/order-complete`, `/thank-you` ni táàgì ṣì ń dúró dè.

Àwọn 4 tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Gbogbo wọn ló fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì. Ọ̀nà ìsanwó yẹn nìkan ló ṣì ń dá èèyàn padà sí ojú ewé àtijọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń pín iye náà sí ọ̀nà ìsanwó àti búráwúsà kí n tó sọ ohunkóhun. Kò wọ́pọ̀ kí gbogbo oníkáàdì pinnu ní wákàtí kan náà pé àwọn ò rà mọ́, kí àwọn tó ń fi báǹkì sanwó sì máa rà lọ.

O ní "lójijì", Adédọ̀tun. Bí bọ́tìnnì ìsanwó bá kú, ó máa já lójijì bákan náà, `begin_checkout` ò sì ní yẹ̀. Ìwé owó nìkan ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé òun náà á já. Táàgì sì lè kú díẹ̀díẹ̀: bí wọ́n bá fi ojú ewé tuntun han ìdámẹ́wàá oníbàárà lónìí, kí wọ́n sọ ọ́ di ìdajì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìròyìn á máa yọ́ wálẹ̀ bí ẹni pé ọjà ló ń kú.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́: "àìrà" àti "àìkà".

Akéwì:
Ẹ ṣeun, màmá. Èmi náà, àwọn tó ń wá ka ewì mi ti dínkù láti bí oṣù mélòó kan. Ṣé táàgì ni?

Ìyá Oníṣirò:
Tìrẹ yàtọ̀, ọmọ mi, ìwọ kò tajà. Wo àkọsílẹ̀ sáfà rẹ. Bí òun àti ìròyìn bá jọ ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe táàgì.

Bàbá Gírámà:
Màmá, mo gba "àìrà". Mi ò gba "àìkà". Ẹni tó bá kà á láìrí gbólóhùn yòókù, àìka ènìyàn sí ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn nílò alábàárìn. "Àìkàmọ́": wọ́n rà, a kò kà wọ́n mọ́ àwọn yòókù.

Adédọ̀tun:
Bàbá, "mọ́" wo nìyẹn? Ti "kà mọ́ wọn", tàbí ti "kò kà mọ́"?

Bàbá Gírámà:
Ti "kà mọ́ wọn". Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá kò ní béèrè.

Adédọ̀tun:
Ohùn kan náà ni wọ́n ní, sà. Ẹ ò lè fi àmì yà wọ́n.

Ìyá Oníṣirò:
Èmi fẹ́ràn méjèèjì. Táàgì tó ti ń kà tẹ́lẹ̀ kò kà mọ́. Àwọn tó rà, a kò kà wọ́n mọ́ iye. Òótọ́ ni lọ́nà méjèèjì.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àìkàmọ́ máa ń bí àìrà. Bí ìpolówó bá wà lórí Smart Bidding, ẹ̀rọ Google Ads máa rò pé kò sẹ́ni tó ń rà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tó ń fi du àyè ìpolówó kù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń wá á dínkù lóòótọ́. Ìwé owó tó jẹ́rìí fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á wá máa sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kẹwàá lè búra pé èrò ọjà ló lọ. Kí wọ́n tètè lo "Data exclusions" nínú Google Ads, kí ẹ̀rọ má fi àwọn ọjọ́ yẹn kọ́gbọ́n. Títún táàgì ṣe nìkan kò lè dá iye tó ti sọnù padà.

Ọmọ Atúmọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n wá pe ọjọ́ kẹwàá yẹn, tí méjèèjì ti dàpọ̀? Ìwé náà kò fún un lórúkọ.

Bàbá Gírámà:
Kí o tó débẹ̀, ta ló ní kí o kọ "táàgì"? "Àlẹ̀mọ́" wà.

Adédọ̀tun:
Àlẹ̀mọ́ ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, sà. Ẹ sì tún ti mú "mọ́" dé.