Ṣé bọ́hóólù ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí wa ló ń fa omi kànga wa sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Kànga àfọwọ́gbẹ́ wa kò jìn, inú yanrìn òkè lomi rẹ̀ wà, kò sí amọ̀ tó bò ó. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan gbẹ́ bọ́hóólù sí tòsí wa. Bí pọ́ǹpù wọn bá ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, omi wa á lọ sílẹ̀ ju mítà kan lọ. Tí wọ́n bá pa á lálẹ́, á rọra gòkè padà. Kànga tó jìnnà sí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀.

Àwọn tó gbẹ́ ẹ sọ pé abẹ́ amọ̀ tó nípọn ni wọ́n ti ń fa omi, pé bí wọ́n ṣe lu amọ̀ náà já, omi fúnra rẹ̀ ru gòkè nínú páìpù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí tiwa fi ń lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Àbí wọ́n dá ihò sí páìpù náà níbi yanrìn òkè pẹ̀lú, tàbí wọn ò fi símẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Kí ni kí n wọ̀n kí n tó lọ bá wọn?