Jẹnẹrétọ̀ wo ni kí n rà, tí mo bá ka owó ọdún mẹ́ta pọ̀?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná méjì, fáànù kan, gílóòbù mẹ́ta àti áyọ́ọ̀nù kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Jẹnẹrétọ̀ mi ti kú, mo sì fẹ́ ra òmíràn. Mo máa ń tan iná bíi wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Kì í ṣe owó ọjà nìkan ni mò ń rò, epo, sáfíìsì àti àtúnṣe ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀. ₦900 ni à ń ra lítà epo lọ́dọ̀ wa. Èwo ni kí n rà?

Dèjì Olówó-Epo: Ẹ má fi owó ṣòfò lórí kékeré. 3.5kVA ni kí ẹ rà. Iṣẹ́ tó bá pọ̀ ju agbára jẹnẹrétọ̀ lọ ló ń jó kóìlì rẹ̀. Kékeré tí mo kọ́kọ́ rà, áyọ́ọ̀nù ló pa á, kò tíì pé oṣù kan. Èyí tó tóbi kì í làágùn, ẹ ò sì ní mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ ni Dèjì sọ nípa áyọ́ọ̀nù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo epo, torí ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo wa ń lò gbọ́dọ̀ máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná tó lè dúró déédéé. Bó jẹ́ gílóòbù kan péré ló ń tàn, eré yẹn náà ló máa sá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó ni epo tó máa jẹ lórí eré lásán ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ilé méjì, fáànù àti gílóòbù, gbogbo wọn kì í sábà ju 400 wáàtì lọ. Áyọ́ọ̀nù nìkan máa ń jẹ 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ ń fi ọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ sọ pé kí ẹ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ẹ ó máa bọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ti wọ̀n ọ́n rí. Mo rọ epo kún táǹkì títí ó fi kan asẹ́ ẹnu rẹ̀, mo gbé nǹkan bíi 400 wáàtì lé e fún wákàtí mẹ́ta, mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo wá fi ike lítà kan rọ epo padà títí ó fi dé ojú asẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 2.5kVA sí lára mu lítà méjì àti díẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 0.7 ní wákàtí kan. Kékeré 1.2kVA mu lítà kan ààbọ̀, ìyẹn ìdajì lítà ní wákàtí. Kì í ṣe èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo ni mò ń sọ o, èyí tó ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ ni.

Ẹ fi ọjọ́ 300 ka ọdún yín, ó di wákàtí 1,500. 2.5kVA á mu lítà 1,050, ₦945,000 nìyẹn. Kékeré á mu 750, ₦675,000. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦810,000. Ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ta jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá Oníyìnyín: Mẹkáníìkì, ẹ má yin kékeré jù fún wa o. Fìrísà méjì ni mo ní, ìgbà tí fìrísà bá fẹ́ gbéra, kékeré á kàn bú ni, á sì kú. Ti aránṣọ yàtọ̀ sí tèmi, mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìwé. Láti 2021 ni mo ti ń kọ owó epo sílẹ̀, ₦165 ni lítà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tó sì di ₦617, gbogbo ohun tí mo rí nínú ìwé mi ni pé owó ń lọ. N ò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ mi náà ti ń mu jù. Ọmọ mi ló ní kí n máa kọ lítà. Ló bá hàn pé wákàtí tó ń fi lítà mẹ́fà ṣe tẹ́lẹ̀ ti di lítà mẹ́jọ. Èéfín rẹ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n ṣí ibi tó ń gbà mí, fóòmù ibẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú eruku bí ẹ̀bà àná. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sá a, a fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, a fún un dáadáa. Ó padà sí mẹ́fà àti díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ ra sólà, ẹ sinmi.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Ọmọ Ẹ̀gbá, mo ti béèrè owó rẹ̀, apá mi ò tíì ká a, ilé àyágbé sì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ṣeun, Mẹkáníìkì. Sáfíìsì àti àtúnṣe ńkọ́?

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Ọ́ìlì ni sáfíìsì gan-an. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ da ti àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn wákàtí 20, torí irin tó ń ha ara wọn máa ń já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo wákàtí 100. Pẹ̀lú iṣẹ́ yín, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nǹkan bí ìgbà 15 lọ́dún. 2.5kVA ń gba 0.6 lítà, ó di lítà 9 lọ́dún. Ní ₦5,000 lítà kan, ₦45,000 ni. Ẹni tó bá fo èyí ló máa wá san owó ríìngì. Ẹ máa mọ̀: èéfín á máa rí bí aró, ọ́ìlì á sì máa lọ sílẹ̀ láìsí pé ó ń jò. Lọ́dọ̀ mi, ríìngì, fáàfù àti owó iṣẹ́ kò dín ní ₦55,000.

Tí ẹ bá pa á, ẹ máa ti kọ́ọ̀kì tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀. Bí kabúrétọ̀ bá ń jò, epo á ṣàn sínú ọ́ìlì mọ́jú. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ láàárọ̀: bó bá ga ju tàná lọ, tó sì ń rùn bí epo, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ náà rárá. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ tún kabúrétọ̀ ṣe kí ẹ tó rọ tuntun.

Dèjì Olówó-Epo: Wákàtí 50 ni èmi fi ń pàrọ̀ ọ́ìlì. Eruku àdúgbò wa pọ̀.

Mẹkáníìkì Ṣàgámù: Níbi eruku, n ò ní bá yín jiyàn.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Kékeré lọkàn mi ń lọ. Àmọ́ kò ní lè gbé áyọ́ọ̀nù oníná mi, á wá di pé kí n máa lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà mi ń mú léèsì funfun wá, eérú kan péré tó bá ta sí i, mo gbèsè nìyẹn. Bóyá kí n máa kó gbogbo aṣọ tó yẹ kí n lọ̀ dúró de iná ìjọba. Ẹnikẹ́ni wà níbí tó ń lo áyọ́ọ̀nù onígáàsì?

Ìyá Oníyìnyín: Àbúrò mi ní ọ̀kan. Mo máa bi í léèrè iye ọjọ́ tó ń fi lo sìlíńdà kan.