Ta ló ń yí padà nínú «kóòdù ayípadà»?

Atúmọ̀-èdè, Aké:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé ìlànà kékeré kan fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú. Oríṣi kóòdù QR méjì ló wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsọ̀ tí gbogbo oníbàárà fi ń sanwó, àti èyí tí fóònù ń ṣe lọ́tọ̀ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Mo pe àkọ́kọ́ ní «kóòdù aláìyípadà», mo pe èkejì ní «kóòdù ayípadà». Ṣé ó tọ̀nà? Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Olùkọ́ àgbà, Ìbarà:
Kò tọ̀nà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ ò sì wo ilé rárá. Ọba Aláìyípadà ni à ń pe Ọlọ́run nínú àdúrà. Ẹ wá gbé orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ lé bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ igi ìsọ̀! Ó dùn mí.

Èyí tó wá burú jù ni «ayípadà». «A-» olóhùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan, bíi «apẹja» àti «akọrin». Ta wá ni ó ń yí padà? Kóòdù tí wọ́n ṣe fún oníbàárà àkọ́kọ́ kò yí padà di ti ẹnì kejì. Òmíràn ni wọ́n ṣe. Bí mo bá ta ewúrẹ́ mi, tí mo lọ ra òmíràn, ẹ ò ní sọ pé ewúrẹ́ mi yí padà.

Ayàwòrán ìpolówó, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Mo máa ń ṣe kóòdù sára bébà ìpolówó ìgbéyàwó àti ìsìn. Èyí tí àwa ń pè ní ayípadà, àwòrán rẹ̀ kì í yí padà rárá, ibi tó ń gbé èèyàn lọ ló ń yí. Bí wọ́n bá sún ibi ìnáwó síwájú lẹ́yìn tí a ti tẹ bébà, mo kàn máa lọ pààrọ̀ ibi tó ń lọ ni, bébà kan náà ni wọ́n ó ṣì máa lò. «Ayípadà» tọ̀nà nígbà náà. Àtúmọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé àwọn aládìrẹ.

Akọ-ètò, Ìtòkú:
Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa bébà ìpolówó, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé àwọn aládìrẹ, torí pé ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ètò tí onísọ̀ fi ń gbowó. Nínú kóòdù tiyín, àdírẹ́sì kúkúrú kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn ló ń pinnu ibi tí yóò gbé èèyàn lọ. Ti ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí kóòdù ìsanwó ní Nàìjíríà máa tẹ̀ lé ti EMV, ìlànà àgbáyé fún ètò ìsanwó. NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì wa pọ̀, sì gbé NQR, kóòdù ìsanwó tiwọn, jáde ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Ẹ jẹ́ kí n tú inú rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ lára ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsọ̀ nìyí:

```
010211
5303566
5802NG
```

Díẹ̀ lára èyí tí fóònù ṣe fún ọjà 25,000 náírà nìyí:

```
010212
5303566
540525000
5802NG
62080504A017
```

Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni orúkọ àyè, méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ iye àmì tó wà nínú àyè náà, ìyókù ni ohun tó gbé dání. 566 ni náírà. Àyè 54 ni iye owó. Àyè 62 ní àyè kékeré nínú, 05, tó gbé àmì mẹ́rin tí onísọ̀ fún ọjà yẹn nìkan, A017.

Ṣùgbọ́n àyè 01 ni kí ẹ tẹjú mọ́. 11 ń sọ pé kóòdù yìí wà fún ọ̀pọ̀ ọjà. 12 ń sọ pé ọjà kan péré ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye owó ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta nǹkan kan ṣoṣo ní iye kan ṣoṣo lè kọ iye náà sínú èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsọ̀, 11 ni yóò ṣì jẹ́. Bàbá Olùkọ́ ló gbà á: kò sí èyí tó ń yí padà nínú méjèèjì.

Olùkọ́ àgbà, Ìbarà:
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ó ti tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ iye ìgbà tí a ó lò ó ni, èdè ti ní ohun tí a nílò tẹ́lẹ̀. «À-» olóhùn ìsàlẹ̀ ni kí a lò, èyí tó ń sọ ohun tí a ṣe nǹkan sí, bíi «àlòkù». Kóòdù àlòtúnlò ni ti ara ìsọ̀. Kóòdù àlòdànù ni ti inú fóònù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní «alòdànù» ti sọ ọ́ di èèyàn tó ń fi nǹkan ṣòfò.

Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ «a» olóhùn wo, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú mi rí.

Àwọn kan wá ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, méjì méjì. 12,500 ni ọ̀kan, nítorí náà 25,000 ni olúkúlùkù yóò san. Àwọn mẹ́fà ni, wọ́n sì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn gbé fóònù sí kóòdù tó wà lára ìsọ̀ mi. Gbogbo wọn ní àwọn ti san. Àláàtì márùn-ún ló wọlé. Mo ń wo orúkọ tó wà lára àláàtì, kò bá ojú ẹnikẹ́ni mu, torí pé ọ̀kan fi àkáǹtì ọkọ rẹ̀ san, òmíràn fi ti àbúrò rẹ̀. Iye kan náà, wákàtí kan náà. Ta ni kí n dá dúró? Èèyàn iyì ni gbogbo wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé aṣọ lọ, owó ẹnì kẹfà ò wọlé títí di òní.

Nítorí náà, ẹ má bá mi pe kóòdù tó lè gbà mí lọ́jọ́ yẹn ní àlòdànù. Ohun tí mo fi ń gba owó mi, ẹ ní ó dànù? Èèwọ̀ ni lọ́jà.

Akọ-ètò, Ìtòkú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ẹjọ́ yín gan-an ni àyè 62 wà fún. Ká ní fóònù yín ṣe kóòdù mẹ́fà, A017 dé A022, owó kọ̀ọ̀kan ìbá gbé àmì tirẹ̀ padà wá. A017 ti san, A018 ti san, títí tí ẹ ó fi rí i pé A021 ṣì ṣófo. Ẹni tí ẹ fi A021 hàn ni ẹ ó yíjú sí, ẹni yòówù kó ni àkáǹtì. Kò sì sẹ́ni tí yóò tẹ 2,500 dípò 25,000, torí iye owó ti wà níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ya fọ́tò A017 tó fẹ́ tún fi san, ètò tó bá dára yóò kọ̀ ọ́, wọ́n ti pa ìwé yẹn dé.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Fóònù yín gbọ́dọ̀ ní iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà, kóòdù náà sì lè kú bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó san. Bébà ara ìsọ̀ kì í béèrè iná lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má fà á ya. Fún ọjà kékeré tó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tó.

Oníṣẹ́ irin, Lafẹ́nwá:
Àwa ńkọ́? Oòrùn ti jẹ tèmi, igun kan sì ti ya. Bí wọ́n ṣe ní kì í yí padà, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́?

Akọ-ètò, Ìtòkú:
Ìbéèrè míràn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo igun tó ya yẹn. Onígun mẹ́rin ńlá mẹ́ta ló wà ní igun mẹ́ta kóòdù, òun ni kámẹ́rà fi ń mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Ìdọ̀tí díẹ̀ láàárín kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn bá lọ, ẹ tẹ òmíràn. Kí ẹ sì fi fóònù tiyín yẹ tuntun náà wò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Àwọn jàgùdà máa ń lẹ tiwọn lé ti oníṣòwò lórí. Orúkọ tó bá jáde lójú fóònù kí wọ́n tó tẹ píìnì ni ẹ ó fi mọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ka orúkọ náà sókè ketekete.

Atúmọ̀-èdè, Aké:
Mo gbọ́ tẹnu gbogbo yín. Nígbà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ Ìyá aládìrẹ, ìyá tó bí ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, èèyàn lè to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà oko, kó kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó bá fẹ́ iṣu yóò kà á, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé iṣu. Ṣé kì í ṣe àyè 54 nìyẹn? Ọjà yìí, iye yìí, kò sí ariwo. Bí a bá pe ti inú fóònù ní «kóòdù olókùúta» ńkọ́? Abẹ́ òkúta ni a sáà wà.

Olùkọ́ àgbà, Ìbarà:
Àṣà náà dára, orúkọ náà kò dára. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé ara òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àrokò ni ohun tí ìyá àgbà yín ń sọ, kì í ṣe òkúta.

Ayàwòrán ìpolówó, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀:
Ààlè ni, Bàbá, kì í ṣe àrokò. Àrokò ni èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Èyí tí a fi ti nǹkan ká má bàa jí i, ààlè ni.

Olùkọ́ àgbà, Ìbarà:
Ààlè ń lé olè. Òkúta tó ń sọ iye owó ń bá ẹni tó fẹ́ rà sọ̀rọ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú:
Níbi tiwa, «ti ara ìsọ̀» àti «ti inú fóònù» la ó máa pè é. Gbogbo wa mọ èyí tí à ń wí.

Akọ-ètò, Ìtòkú:
Ó dáa, Ìyá wa, àfi pé ẹ̀rọ POS náà máa ń tẹ kóòdù ọjà kan ṣoṣo sórí rìsíìtì. 12 ni, kò sì sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni.

Atúmọ̀-èdè, Aké:
Mo ti pa «aláìyípadà» àti «ayípadà» rẹ́. «Kóòdù àlòtúnlò» ti wọlé fún ti ara ìsọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ èkejì, àmọ́ mi ò ní kọ «àlòdànù» síbẹ̀ láìjẹ́ pé Ìyá aládìrẹ gbà.