Bónọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wọlé, kí lẹ fi tiyín ṣe?

Alájọpọ̀: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo pín temi sí mẹ́wàá. Mẹ́rin lọ fún lóònù tí mò ń san èlé 4 nínú 100 lé lórí lóṣooṣù, torí òwò kékeré wo ló máa pa iyẹn fún mi láìkùnà? Mẹ́ta lọ sí báńkì, fíìsì dẹ́pọ́síìtì, mo gé e sí mẹ́ta, ọ̀kan ọjọ́ 30, ọ̀kan 60, ọ̀kan 90, kí ọ̀kan máa jábọ́ lóṣooṣù, tí wàhálà bá dé mi ò ní já gbogbo ẹ̀ kí èlé sì gbé. Mẹ́ta tó kù ni ti òwò, àmọ́ ìdá kan péré ni mo kọ́kọ́ ná, mo ra waya ṣájà àti gíláàsì ojú fóònù. Waya ń lọ ṣáá torí irú kan ń wọ fóònù púpọ̀. Gíláàsì ní tiẹ̀, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀, oníbàárà á dé, tiẹ̀ gan-an lẹ ò ní ní. Ìgbà tí owó ọjà àkọ́kọ́ pé sọ́wọ́ ni mo tó ra ìkejì, waya nìkan.

Bàbá Ṣíà: Ẹ ń da ara yín láàmú jàre. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ ra ṣíà kọ́ńpìnnì bíi mẹ́wàá, ẹ ò gbé e lé ibì kan ṣoṣo nìyẹn.

Alájọpọ̀: Òótọ́ wà níbẹ̀ ẹ̀gbọ́n, kọ́ńpìnnì kan péré ò ní lè kó gbogbo owó yín lọ. Ṣùgbọ́n tí ọjà ṣíà bá wó, gbogbo wọn sábà máa ń já pa pọ̀ ni, tó bá wá bọ́ sí oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ san owó iléèwé ńkọ́? Owó tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún bíi márùn-ún ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀.

Ọmọ Dáadáa: Ṣé bónọ́ọ̀sì káàdì fóònù ni? Tèmi kì í pẹ́ tó fi ń pòórá o 😂

Ìyá Olójà: Èmi náà ṣe ti waya yẹn níbi iṣẹ́, ọjà ń tà gan-an, mi ò kàn rówó ni.

Alájọpọ̀: Àwìn ni yẹn mà! Ẹ ṣí ìwé, ẹ kọ èyí tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ kọ èyí tó wà níta sọ́tọ̀. Tí owó tó wà níta bá ti ju èrè lọ, ẹ má tíì ra ọjà míì. Kí owó ẹ̀ sì ní àkáǹtì tiẹ̀, torí ọbẹ̀ ilé ló sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ìyá Olójà: Ọ̀gá mi wà lára àwọn tó jẹ mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè owó mi lọ́wọ́ ẹ̀?

Bàbá Ṣíà: Èmi ò gbà ti lóònù tẹ́ ẹ kọ́kọ́ san yẹn ṣá. Lóònù ibi iṣẹ́ wa, èlé ẹ̀ kéré sí ti fíìsì, kí ni mo fẹ́ tètè san án fún?

Alájọpọ̀: Ti yín yàtọ̀, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ṣé wọn ò ní ní kẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ẹ wo ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí.