Ọjọ́ 183 kò pé, síbẹ̀ wọ́n ní kí n wá san owó orí nílùú Gẹ̀ẹ́sì

Àkànní: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Ìparí 2023 ni mo ti kó padà sí Èkó. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ló ń gbé mi lọ Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í tilẹ̀ san owó takisí mi bó ṣe yẹ. Láti Oṣù Kẹrin 2024 sí Oṣù Kẹrin 2025, ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀ lé díẹ̀ ní 100. Ìwé wá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó orí ibẹ̀ pé olùgbé ibẹ̀ ni mí, kí n wá sanwó. Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bí ọjọ́ tó o lò níbẹ̀ lọ́dún kò bá pé 183, o ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Má dá wọn lóhùn.

Ìyá Ìbejì: Èmi ní Houston, wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ èṣí àti ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kún ti ọdún náà ni. Ojú mi rí nǹkan! Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ.

Bọ̀dé: Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, mà. Àkànní, dá wọn lóhùn o. Bí 183 bá pé, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá pé, wọ́n á wo ohun tó so ọ́ mọ́ ibẹ̀. Níbo ni ìyàwó rẹ wà? Ibo lo ń sùn?

Àkànní: Kí ló kan ìyàwó mi nínú owó orí? Mánṣẹ́sítà lòun àtàwọn ọmọ wà, ilé wa náà ni mo ń sùn. Ṣé kí n lọ máa sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ni?

Bọ̀dé: Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó ti jẹ́ olùgbé ibẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, tó wá lo ọjọ́ 91 sí 120, ohun méjì péré tó so ó mọ́ ibẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di olùgbé. Ìwọ ní ìyàwó, o ní ilé, o sì ti lò ju ọjọ́ 90 lọ níbẹ̀ nínú ọ̀kan nínú ọdún méjì tó ṣáájú. Mẹ́ta nìyẹn. Ká ní o ń ṣiṣẹ́ Èkó déédéé, tí ọjọ́ ibẹ̀ kò tó 91, tí ọjọ́ tó o fi ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ níbẹ̀ kò sì tó 31, ò bá bọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tó ti sanwó ní Nàìjíríà á tún san lẹ́ẹ̀kan sí i?

Bọ̀dé: Àdéhùn wà láàárín ìlú méjèèjì láti mọ ibi tí wọ́n á kà á sí olùgbé. Ilé tó wà fún un títí ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bó bá nílé síbi méjèèjì, wọ́n á wo ibi tí ayé rẹ̀ fìdí múlẹ̀ sí jù. Iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó, ẹbí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Mi ò lè búra ibi tó máa já sí.

Ìyá Ìbejì: Àkànní, ṣé ilé Èkó tìrẹ ni àbí ibiṣẹ́ ló gbà á fún ọ?

Àkànní: Ibiṣẹ́ ló gbà á. Ìyẹn náà tún ṣe pàtàkì?

Bọ̀dé: Ó ṣe pàtàkì gan-an. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ nígbà tó o bá lọ Lọ́ńdọ̀nù? Wá ìwé háyà náà, ìwé owó orí Nàìjíríà, àti àwọn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Òru tí aago méjìlá bá ọ nílùú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kà sí ọjọ́.