Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kọ ímeèlì sí ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ tí kò kéde pé òun ń wá ènìyàn

Olùbéèrè (Ìbàdàn): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ní ilé ìkóògùnsí kan níbí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn láti Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka sí Olúyọ̀lé, ó sì wù mí kí n bá wọn ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kéde iṣẹ́ kankan. Mo ti rí àdírẹ́sì ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà ni mo ń wá. Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun.” Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ará Abẹ́òkúta: Ó dára pé o kò jẹ́ kó gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ni kí o kọ ọ́ sí, nítorí àwọn ló ń gbani síṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan (Èkó): Lóòótọ́ ni wọ́n ń gbani, àmọ́ bí àyè kò bá sí, fáìlì ni wọn yóò kó o sí. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ló mọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà ló sì ń béèrè pé kí wọ́n fi ènìyàn kún òun, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣètò kí ọdún tó parí. Nítorí náà, má tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjíròrò ni kí o tọrọ. Ọ̀rọ̀ “èyíkéyìí” yẹn sì ni kí o kọ́kọ́ yọ, torí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọ̀gá náà láti wá ibi tí o wúlò sí. Kọ ọ́ báyìí:

“Àkọlé: Ìbéèrè lórí títo oògùn ní Olúyọ̀lé. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo gbọ́ pé ẹ ti ṣí ẹ̀ka sí Ìbàdàn. Níbi tí mo wà, èmi ni mo to àkọsílẹ̀ sórí Excel kí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé lè máa kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ wọlé, èyí tó ń bàjẹ́ lórí pẹpẹ sì dínkù. Mo mọ̀ pé ẹ kò kéde iṣẹ́. Ṣé mo lè bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré lórí ímeèlì yẹn kan náà. Bí ímeèlì bá padà wá lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdírẹ́sì ni kò tọ̀nà.

Ará Lọ́ńdọ̀nù: Èmi náà dáhùn ìkéde iṣẹ́ kan níbí, wọn kò fèsì. Ṣé kí n tún fọ́ọ̀mù wọn kọ ni?

Ẹ̀gbọ́n kan (Èkó): Tìrẹ yàtọ̀, ọ̀rẹ́ mi, nítorí wọ́n ti kéde tìrẹ. Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ gan-an ni kí o bi.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Síívì mi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n kan (Èkó): Mú un dání títí yóò fi béèrè.

Ará Abẹ́òkúta: N kò fara mọ́ ìyẹn. Ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ dí kò ní kọ̀wé padà wá béèrè síívì. Fi PDF rẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n kan (Èkó): Bóyá. Ṣùgbọ́n èyí ó wù kí o ṣe, má kọ iye oògùn tó bàjẹ́ níbi tí o wà síbẹ̀, nítorí àṣírí ọ̀gá rẹ ni.