Oyún oṣù karùn-ún: ṣé iyán ni kí n máa fi kún oúnjẹ ni?

Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú ilé o. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, Iléṣà ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Iyán tí wọ́n ń bù fún mi lálẹ́ ti di ìlọ́po méjì, wọ́n ní ẹni méjì ló ń jẹun. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, àyà á máa ta mí di òru. Ní kíníìkì, wọ́n ní kí n fi purotéènì kún un, wọn ò sọ iye. Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbọ́ ti mọ́mì yín jàre. Nígbà tí mo lóyún ìbejì mi, mo ń jẹ ìlọ́po méjì, ara wọn sì le dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Ìbejì, oyún ìbejì ń fẹ́ ju ti ọmọ kan lọ. Oyún ọmọ kan ní oṣù mẹ́ta àárín, nǹkan bíi 340 kálórì lójúmọ́ ni àfikún rẹ̀. Iyán tó tó 300 gíráàmù nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù márùn-ún lọ. Òun ni ikùn ṣe kún, tí ohun tí kíníìkì ń béèrè kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ dá iyán padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, ẹ jẹ ife ẹ̀wà sísè kan, pẹ̀lú síbí tíì epo kan àti ẹyin sísè kan. Kálórì rẹ̀ á tó 330, purotéènì á sì tó 20 gíráàmù. Ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má sì tètè dùbúlẹ̀, àyà títa náà á dín kù.

Bàbá Dúró: Ìyàwó tèmi ń bì ṣáá, oṣù kejì ni. Ṣé ẹ̀wà yìí ni kó jẹ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá, sà. Oṣù kejì kò nílò àfikún kankan. Ohun tó bá dúró nínú rẹ̀ ni kó jẹ, díẹ̀díẹ̀. Bí omi pàápàá kò bá dúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọmọ Ifẹ̀: Lórí iye purotéènì, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní 25 gíráàmù ni àfikún rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bíi 10 ló tó ní oṣù mẹ́ta àárín, kó tó wá pọ̀ gan-an ní ìparí. Ẹ̀wà àti ẹyin yẹn wà láàárín méjèèjì. Ìwọ̀n ara yín ni kí ẹ máa wò: obìnrin tí kò tín-ín-rín tí kò sì sanra jù, bí ìdajì kílò ló ń fi kún un lọ́sẹ̀. Bí kò bá gòkè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún wọn ní kíníìkì.

Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣé gan-an. Ìgbín ńkọ́? Wọ́n ń tà á lọ́jà Atakúmọ̀sà, ṣùgbọ́n mọ́mì ní ọmọ á máa da itọ́.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni wọ́n sọ! Ẹ má dán an wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kì í ṣe ìgbín ló ń mú ọmọ da itọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ bá ìyá ọkọ yín jà, ẹja àti ẹyin á ṣe iṣẹ́ kan náà.